Ètè kàn, ètè ò kàn: bí ojú inú kọ̀ǹpútà ṣe ń bá ohùn Yorùbá mu

Mo ṣe kátúùnù ìṣẹ́jú méjì kan fún àwọn ọmọ ilé wa nígbà kan. Ìyá àgbà kan ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe ojú rẹ̀: ìlà iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti rọ̀ wálẹ̀, eéjí tó wà láàárín eyín òkè. Ohùn ìyá mi gan-an ni mo gbà sílẹ̀ fún un. Nígbà tí mo parí, mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé kó wá wò ó. Ó wò ó títí, kò rẹ́rìn-ín, kò sì sọ pé ó dára. Ó wá bi mí pé, "Kí ni màmá yìí ń jẹ lẹ́nu?"

Kò sí ohun tó ń jẹ. Ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Àmọ́ nígbà tí mo padà lọ wò ó ní férémù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwòrán kan lẹ́yìn òmíràn, mo rí ohun tí ẹ̀gbọ́n mi rí. Gbogbo ibi tí ìyá mi ti pe "gbé", "gbà" tàbí "gbọ́", ẹnu ìyá inú kátúùnù kọ́kọ́ là díẹ̀, ó padé, ó tún là. Mo ti tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú ẹ̀rọ kan tó ń fi lẹ́tà pín ìrísí ẹnu. Ẹ̀rọ náà rí g, ó ya ẹnu fún g. Ó rí b, ó pa ẹnu dé fún b. Lẹ́tà méjì, ìṣípòpadà méjì. Bẹ́ẹ̀ ìró kan ṣoṣo ni gb. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà ogún láàárín ìṣẹ́jú méjì, gúgúrú ló ń jẹ lóòótọ́.

Kí àlàyé yìí tó lè yéni, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń mú ojú inú kọ̀ǹpútà rìn.

Ojú tí ẹ ń wò nínú kátúùnù oníhà mẹ́ta kì í ṣe ẹran. Àwọ̀n ni. Ẹ fojú inú wo àwọ̀n apẹja tí wọ́n fi bo orí ère: gbogbo ibi tí okùn ti pàdé okùn jẹ́ kókó kan, kókó kọ̀ọ̀kan sì ní ipò tirẹ̀. Ojú kan lè ní kókó 3,000, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bí a bá fẹ́ kí ojú náà rẹ́rìn-ín, a ó ṣe ẹ̀dà àwọ̀n náà, a ó fọwọ́ fa àwọn kókó igun ẹnu sókè, a ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ díẹ̀, a ó sì fi ẹ̀dà yẹn pamọ́. Ẹ̀dà tí a fi pamọ́ yìí ni wọ́n ń pè ní bílẹ́ndì ṣéépù. Nínú Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe kátúùnù, orúkọ tí ẹ máa rí lójú ẹ̀rọ ni `Shape Keys`, ojú tí kò ṣe nǹkan kan, tí ẹnu rẹ̀ sinmi, sì ń jẹ́ `Basis`.

Kọ̀ǹpútà kì í gbé odidi ojú kejì rọ́pò ti àkọ́kọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì nìkan ló ń rántí, pé kókó báyìí kúrò níbí, ó dé ọ̀hún. Lẹ́yìn náà ó fún wa ní ìwọ̀n kan tí a lè fà láti 0 dé 1. Ní 0, ìyàtọ̀ náà kò ṣiṣẹ́. Ní 1, ó ṣiṣẹ́ tán. Ní 0.5, kókó náà wà ní agbedeméjì ọ̀nà. Bí ìrísí méjì, A àti B, bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ní ìwọ̀n w1 àti w2, ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ni a óò rò pọ̀:

```
ipo = Basis + w1*(A - Basis) + w2*(B - Basis)
```

Ẹ jẹ́ ká fi kókó kan ní igun ẹnu dán an wò. Ká ní ó wà ní gíga milimítà 10 nínú `Basis`. Ìrísí ẹ̀rín gbé e dé 14, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4. Ìrísí fáwẹ̀lì i, tó ń fẹ ẹnu sí ẹ̀gbẹ́, gbé e dé 13, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3. Bí ẹni náà bá ń rẹ́rìn-ín tán pátápátá tó sì ń pe i, kókó náà á lọ sí 10 + 4 + 3, ìyẹn 17. Kò sí ènìyàn tí igun ẹnu rẹ̀ ń lọ síbẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú bí ẹni tí oyin ta. Ìdí nìyí tí ojú fi lè dára lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó dára nígbà tó rẹ́rìn-ín, kó dára nígbà tó pe i, kó wá bàjẹ́ nígbà tó fẹ̀rín pe i.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé ká ṣe ìrísí kẹta tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó fa kókó wọ̀nyẹn padà sí àyè wọn. Kì í ṣiṣẹ́ àfi bí àwọn méjì ìyókù bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, torí náà ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n àkọ́kọ́ ní ìlọ́po ìwọ̀n kejì. Nínú Blender, ẹ fi dráífà, ìyẹn ìṣirò tó ń darí ìwọ̀n, sórí `Value` rẹ̀, ẹ fi ìwọ̀n ìrísí méjèèjì ṣe fáríábù `erin` àti `i` nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ `erin * i`. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ 0, èsì á jẹ́ 0, àtúnṣe á sinmi. Bí méjèèjì bá jẹ́ 1, àtúnṣe á ṣiṣẹ́ tán. Ẹ má ṣe é fún gbogbo àkópọ̀ tó ṣeé ṣe o, ẹ ò ní parí láéláé. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí ìbàjẹ́ nìkan ni kẹ́ ẹ tún ṣe.

Ohun kan tún wà tó máa ń ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu. Kókó máa ń gba ọ̀nà tó tọ́ gbọnrangandan láti ibì kan dé ibòmíràn. Àmọ́ ipéǹpéjú kì í gba ọ̀nà tó tọ́. Orí ẹyinjú tó rí róbótó ló ń gbà. Bí ẹ bá ṣe ojú tó là àti ojú tó dì, ní agbedeméjì ipéǹpéjú á gba inú ẹyinjú kọjá. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ náà ń yí ní etí bí ilẹ̀kùn ṣe ń yí lórí àgbékọ́ rẹ̀. Fún èyí, ọ̀pọ̀ wa ń fi egungun inú ẹ̀rọ ṣí àgbọ̀n, a sì ń fi bílẹ́ndì ṣéépù ṣe ètè nìkan. Fún ipéǹpéjú, ẹ ṣe ìrísí kan sí i fún agbedeméjì, ó parí.

Kó tó di pé mo kúrò lórí ìyẹn: ẹ parí àwọ̀n ojú yín kẹ́ ẹ tó ṣe ìrísí àkọ́kọ́. Kókó gbogbo gbọ́dọ̀ dọ́gba ní iye àti ní ètò nínú gbogbo ìrísí, torí pé nọ́ńbà ni ẹ̀rọ fi ń mọ̀ wọ́n. Bí ẹ bá gé kókó kúrò lára ẹ̀dà kan nígbà tẹ́ ẹ ti ṣe ogún ìrísí, imú lè bá ara rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ etí.

Wàyí o, ẹnu.

Ètè àti àgbọ̀n kì í ṣe ọ̀kan. Gbólóhùn yìí ló gbà mí ní oṣù púpọ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n. Ẹ dúró síwájú dígí, kẹ́ ẹ sọ "bàbá" kíákíá, kẹ́ ẹ fi ìka kan sí abẹ́ àgbọ̀n. Ẹ máa rí i pé ètè kàn ara wọn pátápátá ní b kejì, àmọ́ àgbọ̀n kò padà sókè tán. Ó ṣì rẹlẹ̀ díẹ̀, torí pé a kan ń re a mìíràn ni. Ètè ló na ara wọn láti pàdé. Bí ẹ bá ṣe b ní ìrísí kan tó pa àgbọ̀n àti ètè dé pọ̀, ẹnu á máa lù gbà-gbà-gbà bí ọmọlangidi onígi. Ẹ ya wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn tó ṣètò ARKit, irinṣẹ́ tó ń fi kámẹ́rà fóònù Apple tọpa ojú ènìyàn, mọ èyí: láàárín ìrísí 52 tó wà nínú rẹ̀, `jawOpen` ń ṣí àgbọ̀n, `mouthClose` sì ń pa ètè dé láìka ibi tí àgbọ̀n wà sí. Bí ẹ ò bá tiẹ̀ lo ARKit, ẹ jí ọgbọ́n yẹn lò.

Ìró èdè ni a ń pè ní fóníìmù nílé ẹ̀kọ́. Yorùbá ní kọ́ńsónáǹtì 18 àti fáwẹ̀lì àìránmúpè 7, ká má tíì ka aránmúpè. Ẹ ò nílò ìrísí ẹnu fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí pé ẹni tó ń wò kò rí inú ọ̀nà ọ̀fun. Ohun tí ojú rí nìkan ni à ń ṣe. Ẹ pe "bà" kẹ́ ẹ tún pe "mà" níwájú dígí láìgbé ohùn sókè: dígí kò mọ ìyàtọ̀. Imú ni m ń gbà, dígí kò sì rí atẹ́gùn. Nítorí náà b àti m ń pín ìrísí kan. Ìrísí kan fún ọ̀pọ̀ ìró, bó ṣe rí nìyẹn.

Bí mo ṣe ń pín in nìyí. B, m, p àti gb: ètè kàn. F: eyín òkè lórí ètè ìsàlẹ̀, òun nìkan ló wà níbẹ̀, Yorùbá àjùmọ̀lò ò ní v. T, d, n, l, r àti s: ahọ́n sún mọ́ ẹ̀yìn eyín òkè, ẹnu là díẹ̀ débi tí a fi rí i. Ṣ àti j: ètè tì síwájú díẹ̀. W ń yá ìrísí u lò, y ń yá ti i. K, g àti h kò ní ìrísí kankan, fáwẹ̀lì tó bá tẹ̀ lé wọn ni wọ́n ń dà. Lẹ́yìn náà ni fáwẹ̀lì méjèèje, a, ẹ, e, i, ọ, o, u, tí mo máa ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìrísí tirẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìrísí 11, `Basis` ni ìkejìlá tí ẹnu fi ń sinmi.

Àwọn kan máa ń pa e àti ẹ pọ̀, wọ́n á sì pa o àti ọ pọ̀, torí pé àtòjọ tí wọ́n bá nínú ẹ̀rọ kò ní ju "E" kan àti "O" kan lọ. Ẹ má gbà. Nínú "ọkọ́" àti "oko", àgbọ̀n ọ̀kan rẹlẹ̀ ju èkejì lọ, àlàfo ètè sì fẹ̀ jù. Bí ẹ bá fi ẹnu kan náà pe méjèèjì, òǹwòran tó gbọ́ Yorùbá lè má mọ ohun tó ń dà á láàmú, àmọ́ ó máa dà á láàmú.

Ibi tí lẹ́tà ti ń tan ènìyàn jẹ gan-an la dé yìí, ohun mẹ́rin ni mo sì fẹ́ dúró lé lórí.

Àkọ́kọ́ ni gb àti p. Àwọn onímọ̀ èdè ń pè wọ́n ní afàfàséfètèpè: ẹ̀yìn ahọ́n kan àfàsé lókè, ètè méjèèjì kan ara wọn, lẹ́ẹ̀kan náà. Ti ahọ́n wà nínú, kò sẹ́ni tó rí i. Ti ètè ló hàn. Torí náà "gbà" àti "bà" rí bákan náà lójú, ètè kàn, ó sì tú. P tí a ń kọ, kp ni a ń pè, torí a ò ní p aláìní-k rárá. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà kan fi tó. Àwọn ará wa ní Benin ń kọ ọ́ ní "kp", wọ́n sì ń kọ ɛ àti ɔ dípò ẹ àti ọ. Bí ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ lò bá wá láti Kétu, àtòjọ yín gbọ́dọ̀ mọ "kp" ní ìró kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gúgúrú á tún bẹ̀rẹ̀. Nínú ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kó máa wá "gb" àti "kp" kó tó wá "g", "k" tàbí "b".

Èkejì ni n tí kì í ṣe n. Nínú "fún", "rán" àti "ẹyin", n tó wà lẹ́yìn kò sí lẹ́nu. Àmì ni, pé kí a pe fáwẹ̀lì náà sínú imú. Ahọ́n kò dìde. Ẹnu ẹni tó pe "fún" wà ní ìrísí u títí ìró fi tán. Ẹ̀rọ tó ń ka lẹ́tà á gbé ahọ́n sókè ní ìparí, a óò sì rí ìyá àgbà tó ń yọ ahọ́n díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀. Bí fáwẹ̀lì bá tẹ̀ lé n nínú ọ̀rọ̀, bíi "ọ̀nà", n gidi nìyẹn, ahọ́n á dìde.

Ẹ̀kẹta ni ń tó dá dúró, èyí tí wọ́n ń pè ní aránmúpè asesílébù. Eléyìí ló dùn mọ́ mi jù, torí pé ń ń mú ìwà ẹni tó bá tẹ̀ lé e. "Ó ń bọ̀": ètè ti kàn láti orí ń, kí b tó dé rárá. "Ó ń fọṣọ": eyín ti gbé sórí ètè. "Ó ń gbọ́": ètè kàn. "Ó ń kọrin": ètè ò kàn, ẹnu dúró síbi tó wà. Lẹ́tà kan náà, ìrísí ẹnu mẹ́ta. Ẹ fún ń ní ìrísí kọ́ńsónáǹtì tó wà níwájú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fún un ní àkókò tirẹ̀ torí sílébù ni, kì í sáré kọjá.

Ẹ̀kẹrin ni ìpajẹ. A kọ "gbé odó", a sọ "gbódó". É ti lọ. Bí ẹnu bá ya fún é tí etí kò gbọ́ é, ẹnu ti pẹ́ jù nìyẹn, gbogbo gbólóhùn á sì máa sá tẹ̀ lé ohùn bí ọmọ tó ń sá tẹ̀ lé mọ́tò. Èyí ni ìdí tí mi ò fi ń gba ọ̀rọ̀ tí a kọ gbọ́ mọ́. Mo ń gbọ́ ohùn, mo sì ń kọ ohun tí mo gbọ́.

Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ wá ńkọ́? Inú ọ̀fun ni wọ́n ti ń wá. Igbá, igba àti ìgbà ní ẹnu kan náà. Bí ẹ bá ń fi ẹ̀rọ ka ọ̀rọ̀, ẹ bọ́ àmì ohùn kúrò, àmọ́ ẹ ṣọ́ra kẹ́ ẹ má bọ́ àmì abẹ́ lẹ́tà mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ tó ń "fọ" ọ̀rọ̀ mọ́ ló ń sọ ẹ di e, wọ́n á sì ba fáwẹ̀lì yín jẹ́. Èyí ni mo ń lò ní Python:

```python
import unicodedata as u

def bo_ohun(oro):
    s = u.normalize("NFD", oro.lower())
    s = s.replace("\u0300", "").replace("\u0301", "")
    return u.normalize("NFC", s)
```

Àmì ohùn òkè àti àmì ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ni ó yọ; àmì abẹ́ lẹ́tà wà síbẹ̀. Àmọ́ ó máa sọ ń náà di n lásán, nítorí náà ẹ sàmì sí gbogbo ń àti ǹ kẹ́ ẹ tó lò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀ sí n inú "fún".

Ẹ jẹ́ ká wá mú gbólóhùn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Màmá gbé odó wá fún Pẹ̀lúmi." Férémù 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni mo ń lò. Bí ìyá mi ṣe sọ ọ́ nínú ohùn tí mo gbà, "màmá gbódó wá fún Pẹ̀lúmi" ni, sílébù 9, ó sì gbà tó férémù 41, ìyẹn bí ìṣẹ́jú-àáyá 1.7. Sílébù kan kò ní ju férémù mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Àyè kò sí fún àṣerégèé.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ń ṣe ni pé kí n sàmì sí ibi tí ètè ti kàn, kí n pa gbogbo ìyókù tì. Nínú gbólóhùn yìí wọ́n jẹ́ márùn-ún: m, m, gb, p àti m. Mo gbé wọn sí férémù 10 sí 11, 15 sí 16, 20 sí 22, 39 sí 41, àti 48 sí 49. Ẹ rí i pé kò sí èyí tó jẹ́ férémù kan. Férémù kan ṣoṣo kò tó fún ojú láti rí i pé ètè kàn, ó dà bíi pé ẹnu kan gbọ̀n ni. Méjì ló kéré jù. Mo fún gb àti p ní mẹ́ta torí pé wọ́n ń dúró díẹ̀ ní etí mi. Ní férémù méjèèjì tàbí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwọ̀n ètè gbọ́dọ̀ jẹ́ 1. Kì í ṣe 0.9. Àlàfo tín-ín-rín tó bá ṣẹ́ kù láàárín ètè nígbà tí etí gbọ́ b ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ ju ohunkóhun mìíràn lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni f ní férémù 34 sí 35, torí òun náà hàn gbangba. Ètè kàn márùn-ún àti f kan: bí mo bá fi ẹnu sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí mo kàn ń ṣí àgbọ̀n láàárín wọn, ó ti tó ìdajì iṣẹ́.

Fáwẹ̀lì ló kù. A àkọ́kọ́ wà ní férémù 13, àgbọ̀n ní 0.45. A kejì ní 18, àgbọ̀n ní 0.55. Mi ò dé 1 rárá, 1 wà fún ẹni tó ń pariwo "olè!" lójú títì. Fáwẹ̀lì ó inú "gbó" wà ní 24, d ní 26, ó inú "dó" ní 27. Ẹ wò ó, d bọ́ sáàárín o méjì. Bí mo bá ní kí ètè padà sí ìrísí d kó tó tún ká róbótó, ó máa gbọ̀n. Ètè ò kúrò ní o. Ahọ́n nìkan ló lọ tó bọ̀. Mo fi o sílẹ̀ ní 0.7 láti 24 dé 27, mo sì fún d ní ahọ́n 0.5 láìfọwọ́ kan ètè. W tó tẹ̀ lé e ní 30 wá rọrùn, torí ètè ti wà ní róbótó tẹ́lẹ̀, ó kàn fún pọ̀ sí i ni, lẹ́yìn náà ó là fún á ní 32.

"Fún" dé: f ní 34, ú ní 37. Ètè ti ń ká róbótó kí f tó tán, torí pé ẹnu gidi máa ń múra sílẹ̀ de fáwẹ̀lì tó ń bọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ ìrísí u láti 34 ní 0.3. N kò sí. P dé ní 39, ẹ̀ ní 43, l ní 45 pẹ̀lú ahọ́n, ú ní 46, m ní 48, i ní 51, ẹnu sinmi ní 56.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ tò, mo ṣì ń fa odidi ìlà ẹnu síwájú ohùn ní férémù kan. Lójú ayé, ètè ti kàn kí a tó gbọ́ b, torí pé ìgbà tí ètè tú ni b ń dún dáadáa. Ẹnu tó ṣáájú ohùn díẹ̀ kì í da ẹnikẹ́ni láàmú. Ẹnu tó gbẹ́yìn ohùn, gbogbo ilé ló máa rí i.

Ẹ lè bi mí pé ṣé kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣe é. Ó wà. Rhubarb Lip Sync ń gbọ́ ohùn, kì í ka lẹ́tà, ó sì ní ọ̀nà kan fún èdè tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì:

```
rhubarb -r phonetic -f json -o ohun.json ohun.wav
```

Ó máa fún yín ní àkókò àti lẹ́tà ìrísí, A fún ètè tó kàn, D fún ẹnu tó là jù, G fún f, X fún ìsinmi. Mo ń lò ó fún ohùn tó bá gùn. Àmọ́ mo máa ń gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì ń ṣàyẹ̀wò gbogbo gb àti p ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá A wà níbẹ̀. Fáwẹ̀lì rẹ̀ kò tó méje, èmi ni mo ń ya ẹ sọ́tọ̀ kúrò lára e.

Ìmọ̀lára ojú, orí ìlà mìíràn ló ń wà, kì í ṣe orí ìlà ọ̀rọ̀. Àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì, Paul Ekman àti Wallace Friesen, gbé ìlànà kan jáde ní 1978 tó pín ìṣípòpadà ojú sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí iṣan ṣe ń fà á, ọ̀pọ̀ àtòjọ bílẹ́ndì ṣéépù ló sì ṣì ń tẹ̀ lé e: ipéǹpéjú òkè lọ́tọ̀, igun ẹnu lọ́tọ̀, imú tó sún lọ́tọ̀. Ẹ̀kọ́ tó wúlò níbẹ̀ ni pé ẹ má ṣe ìrísí kan tó ń jẹ́ "inú dídùn" tó kan gbogbo ojú. Bí ìyá àgbà bá ń rẹ́rìn-ín tó sì pe "gbódó", ẹ̀rín ń fa igun ẹnu sí ẹ̀gbẹ́, fáwẹ̀lì o ń fẹ́ kó ká róbótó, wọ́n á máa jà. Bí ẹ̀rín ẹnu bá wà lọ́tọ̀ sí ẹ̀rín ojú, mo lè dín ti ẹnu kù láti 0.7 sí 0.3 lórí "gbódó", kí n sì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti abẹ́ ojú sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Òǹwòran á ṣì rí i pé inú màmá dùn. Lórí gb fúnra rẹ̀, ètè gbọ́dọ̀ borí ẹ̀rín: ẹ wò ó ní férémù 20 sí 22 bóyá ẹ̀rín ti fa ètè yà. Nínú iṣẹ́ mi àkọ́kọ́, ó fà á yà.

Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe, mo sì tún pe ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́tẹ̀ yìí mo pa ohùn, mo ní kó wo ẹnu nìkan, kó sọ fún mi ta ló gbé odó wá. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá," ó ní. "Bàbá ló gbódó wá."

Màmá ni. Inú mi dùn gan-an.